Kí Ni Òṣùwọ̀n Ń Wọ̀n Gan-an? Ìdáhùn Mi sí Ẹ̀gbọ́n Kan ní Ìtòkú

Ẹni tó bá fi oṣù kan gbáko jí ní ìdájí, tó dín oúnjẹ kù, tó ṣiṣẹ́ títí gbogbo oríkèé fi ń ro ó, tó wá gun òṣùwọ̀n tí kò rí ìyàtọ̀, kì í ṣe "ẹ tẹra mọ́ ọn" ló fẹ́ gbọ́. Ó ti tẹra mọ́ ọn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí làálàá rẹ̀ gbà lọ. Bí kóòṣì rẹ̀ kò bá ní ìdáhùn gidi fún un, kò ní pẹ́ jókòó sílé, mi ò sì ní dá a lẹ́bi.

Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré ìdárayá, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń kọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wà lára wọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ iṣẹ́ ìjókòó ni: láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, àárín aṣọ ló máa ń wà, àwọn ọmọṣẹ́ ló ń sáré. Òun ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí síta, nítorí ó gbà pé àwọn tí irú rẹ̀ ń ṣe pọ̀. Mo kàn fi orúkọ rẹ̀ bò ni.

Iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan rèé: "Kóòṣì, o kú iṣẹ́ o. Mo gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ yìí, kílò 92.8 ló sọ. 92.4 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù kan, mo tún wá sanra sí i. Ọkọ mi ò rí nǹkan kan, èmi náà ò rí nǹkan kan. Ó ti sú mi. Ẹnì kan fẹ́ bá mi ra tíì kan ní Kútọ̀, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ń fa ikùn wọlé. Màá sì yọwọ́ nínú oúnjẹ alẹ́ pátápátá. Kí lo rí sí i?"

Mi ò kọ ọ̀rọ̀ ìṣírí kankan ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun méjì ni mo bi í. Àkọ́kọ́, kí ó ya fọ́tò ojú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí láràárọ̀ fún mi. Mo ti ní kó máa gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ ní kété tó bá tọ̀ tán, kó tó fi nǹkan kan ẹnu, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ọjà rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Èkejì, mo bi í pé nǹkan oṣù rẹ̀ dà? Èmi náà obìnrin ni, kò sí ìtìjú láàárín wa. Ó ní kò tíì dé, ṣùgbọ́n inú ti ń wú u, ọmú sì ń ro ó, ó yẹ kó dé ní ọ̀la. Lóòótọ́, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló dé.

Ìdáhùn méjèèjì yẹn ni mo fi jókòó kọ èsì tèmi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rèé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìfaradà. Mo ti ka gbogbo nọ́ńbà tí ẹ kọ, láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé àná. Ẹ ò sanra sí i. Mi ò sọ ọ́ láti fi tù yín nínú, inú ìwé tiyín ni mo ti rí i, màá sì fi hàn yín. Ẹ̀yin náà mọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró ṣe máa ń wúwo, apá fẹ́rẹ̀ẹ́ já kéèyàn tó gbé e dé orí okùn. Tó bá gbẹ tán, ọmọdé á gbé e. Yáàdì márùn-ún náà ni, aṣọ kò dín. Omi ló lọ. Òṣùwọ̀n tó wà nílé yín, aṣọ àti omi ló ń wọ̀n pọ̀. Ọ̀rá lẹ fẹ́ kó dín kù, ṣùgbọ́n omi lẹ gbé lọ sórí òṣùwọ̀n láàárọ̀ àná."

Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ omi yìí nítorí òun ni gbogbo ẹjọ́ náà. Nínú oṣù àkọ́kọ́, ọ̀rá tí obìnrin tó ń ṣe dáadáa máa sọ nù kì í sábà ju kílò kan sí méjì lọ. Omi nìkan lè yí ìwọ̀n ara padà ní kílò kan tàbí méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wá wo bí ó ṣe rọrùn tó fún èyí tó ń yára lọ sókè sódò láti bo èyí tó ń rọra lọ sílẹ̀ mọ́lẹ̀.

Eré ìdárayá fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó kó omi wọ ara rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kó máa jókòó kó máa dìde lórí bẹ́ǹṣì, kó máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi rìn, kó máa fọwọ́ ti ògiri. Iṣan tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí máa ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ara á sì da omi síbẹ̀ láti tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí itan fi máa ń ro èèyàn tó sì máa ń le ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń kó ṣúgà pamọ́ sínú ara rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gíráàmù kan ṣúgà yìí sì máa ń fa omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Nínú ìwé rẹ̀, mo ro ìwọ̀n ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní pọ̀, mo fi méje pín in, 92.6 ló jẹ́. Ti ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ 92.7. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ á ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá ti já sófo. Èmi tí mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni kò lè sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú, ó yà mí lẹ́nu pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí ìrora ti lọ, ó já sí 91.8.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló wá gùn padà sí 92.5, ọ̀sẹ̀ yẹn ló sì bà á lọ́kàn jẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, ó lọ síbi ìnáwó kan, ó jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díńdín. Iyọ̀ inú oúnjẹ òde máa ń pọ̀, iyọ̀ sì máa ń di omi mú nínú ara títí kíndìnrín á fi tọ̀ ọ́ dànù, ìyẹn sì lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n oúnjẹ òde kéré nínú ọ̀rọ̀ náà. Nǹkan oṣù ló tóbi.

Lẹ́yìn tí ẹyin bá ti já kúrò nínú ilé ẹyin obìnrin, họ́mọ̀nù ara á yí padà, ara ọ̀pọ̀ nínú wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di omi àti iyọ̀ mú. Àwọn kan kì í mọ̀ ọ́n lára rárá. Àwọn mìíràn máa ń fi ààbọ̀ kílò sí kílò méjì wúwo sí i kí nǹkan oṣù tó dé. Ó sábà máa ń dé góńgó ní àyíká ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, omi náà á ti lọ. Òrùka á tún ṣí lọ́wọ́, bàtà á tún gba ẹsẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe láìmọ̀. Ọjọ́ kẹrin nǹkan oṣù ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ jù lọ nínú oṣù. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí òmíràn dé ló gun òṣùwọ̀n tó fi ṣe ìdájọ́, nígbà tí ara rẹ̀ wúwo jù lọ. Ó fi ọjọ́ tó gbẹ jù wé ọjọ́ tó tutù jù. Pẹ̀lú ìyẹn náà, díẹ̀ péré ni ìyàtọ̀ méjèèjì, 92.4 sí 92.8. Bí kò bá jẹ́ pé ọ̀rá ti lọ lábẹ́ omi yẹn, ó yẹ kí òṣùwọ̀n ti kọjá 93 dáadáa ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Èyí ni mo sọ fún un, mo sì kọ apá kejì iṣẹ́ náà báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tó ń bọ̀ yìí, ẹ má yí nǹkan kan padà. Oúnjẹ tí ẹ ń jẹ náà ni kí ẹ máa jẹ, ìgbà tí a ń ṣe eré náà la ó máa ṣe é. Ẹ máa kọ ìwọ̀n yín lọ láràárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bá a jà. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, tí í ṣe ọjọ́ kẹrin nǹkan oṣù yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje. Ọjọ́ méje yẹn la ó fi wé ọjọ́ méje tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibì kan náà ni méjèèjì bọ́ sí nínú oṣù. Tí kò bá sí ìyàtọ̀ níbẹ̀, mo gbà pé ètò mi kò ṣiṣẹ́, a ó sì tún un ṣe."

Ìdí tí mo fi ní kó má yí nǹkan kan padà ṣe pàtàkì sí mi gan-an. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ yìí, òṣùwọ̀n máa já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ náà ló yọwọ́ nínú oúnjẹ alẹ́, á gbà pé ebi ló gbà á là, á sì máa fi ebi sùn títí agbára rẹ̀ á fi tán. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ náà ló mu tíì, tíì ló máa gba ògo, ẹni tó sì ta á fún un á ti rí ẹlẹ́rìí tuntun nínú ọjà.

Ọ̀rọ̀ tíì yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, torí ó wà káàkiri ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé, ewé sẹ́nà ni olórí wọn. Oògùn tó ń ṣí inú ni sẹ́nà. Ìfun ńlá ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí: ó ń mú kó yára ti ìgbẹ́ jáde, kò sì ní jẹ́ kó fa omi inú rẹ̀ padà sínú ara. Kí oúnjẹ tó dé ìfun ńlá, ara ti gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú agbára tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìgbẹ́ àti omi ni èèyàn ń sọ nù, ọ̀rá wà níbi tó wà. Ikùn á fúyẹ́, òṣùwọ̀n á fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ọjọ́ tí èèyàn bá dá a dúró ni gbogbo rẹ̀ á padà. Ẹni tó bá ń mu ún lámujù lè pàdánù pọ́tásíọ́mù tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ sì lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ láìsí i. Inú mi kì í dùn sí i rárá nígbà tí mo bá rí àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ń fi owó tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ra ìgbẹ́ gbuuru.

Mo tún rán an létí àwọn nǹkan tí òṣùwọ̀n kò lè sọ. Téèpù aránṣọ ni mo fi wọn ikùn rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ àti góńgó egungun ìdí, lẹ́yìn tó mí síta jẹ́ẹ́. Ínṣì 41 ni. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti di 40 àti ààbọ̀. Mo mọ̀ pé ààbọ̀ ínṣì kéré, ọwọ́ tó fa téèpù le ju ti àná lọ lè fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta léraléra, tí mo sì máa ń mú èyí tó wà láàárín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí mo wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó dé 41.

Kẹ́ẹ̀gì omi tún wà níbẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ méjèèjì ló ń gbé, ó sì máa ń gbé wọn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ibi tí mo fi àmì sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lítà mẹ́wàá mẹ́wàá ló gbé débẹ̀ láìdúró. Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe pé iṣan rẹ̀ ti tóbi ní ìlọ́po méjì. Nínú ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ àti àwọn ìṣọ̀n tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé inú iṣan ló ń kọ́ bí a ti ń pe iṣan púpọ̀ sí i sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára máa ń dé kí iṣan tó gbèrú, iṣan sì máa ń gbèrú kí ojú tó rí i. Èyí wà lára ìdí tí ọkọ rẹ̀ kò fi rí nǹkan kan. Ìdí kejì ni pé ọ̀rá kílò kan tó kúrò lára ẹni tó wọn 92, kì í kúrò lójú kan. Díẹ̀ kúrò nínú ikùn, díẹ̀ kúrò lẹ́yìn, díẹ̀ kúrò ní itan. Ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́ kò lè mọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ méje náà pé, òun fúnra rẹ̀ ló ro ó, òun ló pín in. 91.2. Ọjọ́ méje tó fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 92.6. Kílò kan lé díẹ̀ ló ti lọ, 1.4 gan-an, nínú oṣù tó pè ní oṣù òfo.

Ó pè mí, kò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Kóòṣì, ṣé 1.4 náà ni gbogbo rẹ̀?" Kò fi ìjà sọ ọ́, ó kàn rò pé á tó márùn-ún ni. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ó sì dára. Ọ̀rá kílò kan ní agbára tó tó kálórì 7,700 nínú. Bí 1.4 yẹn bá jẹ́ ọ̀rá tán, tí a pín in sí ọjọ́ 31, ó túmọ̀ sí pé ó ń fi nǹkan bíi kálórì 350 sílẹ̀ lójúmọ́. Mo bá a ṣírò ibi tó ti wá. Ìgò mọ́ọ̀tì kan tó máa ń mu ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, tó ti fi omi rọ́pò, kálórì inú rẹ̀ ju 150 lọ. Láfún méjì tó máa ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀kan àti ààbọ̀, ewédú àti ẹja ló fi kún un. Ìyókù jẹ́ ti ìrìn àti kẹ́ẹ̀gì. Kò pa oúnjẹ Ẹ̀gbá tì, kò fi ebi sùn lọ́jọ́ kan, síbẹ̀ ó rí 350. Ẹni tó bá ṣèlérí kílò mẹ́wàá fún un nínú oṣù kan, omi ló fẹ́ tà fún un, tàbí ebi tí kò lè fara dà dé oṣù kejì.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá máa fi omi ṣe àwíjàre títí láé. Omi lè bo ọ̀rá mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò lè bò ó fún oṣù mẹ́ta. Bí obìnrin bá fi ọjọ́ kẹrin sí ìkẹwàá oṣù kan wé ti oṣù tó tẹ̀ lé e, tó tún fi wé ti oṣù kẹta, tí nọ́ńbà kò sún, tí téèpù náà kò sún, oúnjẹ tó ń wọlé dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ara ń ná nìyẹn, a ní láti wá ibi tó ń gbà wọlé. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, tàbí ọkùnrin, lè fi ọ̀sẹ̀ méjì méjì wé ara wọn. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í ní ọjọ́ kan pàtó, téèpù ni kó gbára lé ju òṣùwọ̀n lọ.

Àwọn àmì kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ dókítà ni mo máa ń rán èèyàn lọ kí a tó tún jọ ṣe eré kankan. Ẹsẹ̀ tó wú tó jẹ́ pé tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kòtò ìka náà á dúró síbẹ̀. Kí èèyàn má lè mí dáadáa bó bá dùbúlẹ̀. Ìwọ̀n tó ń fò sókè ní kílò mélòó kan láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí kò sì padà wálẹ̀. Ó rẹ èèyàn ṣáá, òtútù ń mú un nígbà tí ara ń gbóná àwọn tó kù, ìgbẹ́ rẹ̀ ń le, nǹkan oṣù ń pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ẹṣẹ́ tó wà níwájú ọrùn, tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì, lè má ṣiṣẹ́ tó, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì máa fi í hàn. Oògùn kan náà wà tó ń mú kí èèyàn sanra, abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta wà lára èyí tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin kan. Kí ẹnikẹ́ni má fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró o, ẹni tó kọ ọ́ fún un ni kó lọ bá sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí, mo ti bi í kí ó tó gbé kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́.

Oṣù kejì ni mo wá gbà kó yí nǹkan kan padà, ọ̀kan ṣoṣo, kí a lè mọ iṣẹ́ tó ṣe. Òróró ọbẹ̀ ni. Mo ní kó da òróró tó máa ń dà sínú ìkòkò ọbẹ̀ ata sínú ife ná, kó tó dà á sínú ìkòkò. Ó kún ife tíì kan dáadáa, tó gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin lítà. Òróró ife yẹn tó kálórì 2,000. Ìkòkò náà, àwọn mẹ́rin ló ń jẹ ẹ́ ní alẹ́ méjì, abọ́ mẹ́jọ nìyẹn, òróró inú abọ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 250. Bí ó bá fi ààbọ̀ ife sè é, 125 ló fi sílẹ̀ lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, láìyọ ẹran kan, láìyọ òkèlè kan. Lóṣù, ìyẹn nìkan sún mọ́ ààbọ̀ kílò. Ó ní ata náà máa kan bí òróró bá kéré. Mo ní kó kọ́kọ́ se ata náà títí omi rẹ̀ á fi gbẹ kó tó da òróró sí i, iná ló ń mú ìkan lọ, kì í ṣe òróró. Ó gbìyànjú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Èyí tó ṣòro ni ọbẹ̀ ọ̀sán, torí kì í ṣe òun ló ń sè é. Olóúnjẹ kan ló ń bu ún fún un ní Ìtòkú, oníbàárà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n, òróró tó léfòó lójú ìkòkò sì ni olóúnjẹ náà fi ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Mo ní kó má ṣe bá a fa ọ̀rọ̀ kankan. Kó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó ti ìpọnbẹ̀ bọ ìsàlẹ̀, kó bu ata àárín fún òun, kó sì fi ẹja kan lé e lórí, òun á san owó ẹja náà. Ìyá olóúnjẹ náà bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Ó ní ara òun yá, ata àárín ló ń wu òun jẹ báyìí. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí i tó ń bọ̀, á ti ti ìpọnbẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ dè é.